Ìlà dúdú tó ń rìn lórí fídíò inú ṣọ́ọ̀bù

Ẹnìkan nínú yín tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti yà á, lọ́jọ́ tí màmá ta ọjà kẹ́yìn. Màmá ń sọ bí wọ́n ṣe ń mọ iṣu tó dáa, àwọn oníbàárà ń dágbére. Ṣùgbọ́n ìlà dúdú ń rìn lórí gbogbo rẹ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ tí a lè padà lọ yà.

Iná mànàmáná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan, gílóòbù máa ń mọ́lẹ̀ kí ó sì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà 100 nìyẹn. Ojú wa ò rí i. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà fóònù kì í ka àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ló ti ń kà á wá sí ìsàlẹ̀. Apá tó bá kà nígbà tí iná rẹ̀ sílẹ̀ ló máa dúdú.

Fóònù rẹ̀ ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 30: mẹ́ta àti ìdámẹ́ta kan. Ìdámẹ́ta yẹn ló ń sún ìlà náà kúrò láyè rẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá fi máa di àwòrán kẹrin, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá da àwòrán mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn pọ̀, ibi tó dúdú nínú ọ̀kan yóò bọ́ sórí ibi tó mọ́lẹ̀ nínú àwọn yòókù, ìlà á sì pòórá. FFmpeg, tí a ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, lè ṣe é:

```
ffmpeg -i soobu.mp4 -vf tmix=frames=3 -c:a copy tuntun.mp4
```

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ `deflicker` tó wà nínú FFmpeg kan náà tàn yín o. Ìmọ́lẹ̀ odindi àwòrán ló ń mú dọ́gba, kò mọ ìlà.

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ máa wo fídíò náà ní àwòrán kan kan. Bí ìlà bá dúró sójú kan, ó lè jẹ́ àwòrán 25 ni wọ́n fi yà á, torí 100 pín sí 25 láìṣẹ́kù. Dídà pọ̀ kò lè ran ìyẹn lọ́wọ́.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Ojú màmá tó jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń gbé iṣu sókè ní òjìji. Mo lo ẹ̀dà tuntun fún ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, mo sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé ẹrù, torí nínú ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn, ìlà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ yà, kó gbé Shutter sí 1/50 tàbí 1/100 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1/60 tàbí 1/120 ní Amẹ́ríkà. Gílóòbù tí wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lè má gbọ́ sí èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ tàn án dé òpin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.