Ta Ló Gba Ipò Kejì? Bí A Ṣe Ń Pín Ipò Nígbà Tí Máàkì Bá Dọ́gba

Ní ọjọ́ tí a pín ìwé èsì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìkọ́ni àfidánrawò, ìyá kan mú ìwé méjì wá bá mi. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, èkejì jẹ́ ti ọmọkùnrin aládùúgbò wọn. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, 74 sì ni máàkì àwọn méjèèjì. Ìwé ọmọkùnrin sọ pé ipò kejì ló gbà, ti ọmọbìnrin sì sọ pé ipò kẹta ni. Ìyá náà ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé 74 tiwọn ju 74 tiwa lọ ni?"

N kò rí èsì fún un, nítorí èmi gan-an ni mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo ti tẹ máàkì gbogbo ọmọ sínú Excel, mo ní kí ó tò wọ́n láti orí èyí tó pọ̀ jù lọ dé èyí tó kéré jù lọ, mo wá kọ 1, 2, 3, 4 sí ẹ̀gbẹ́ wọn títí ó fi parí. Ohun tí n kò fiyè sí ni pé bí máàkì méjì bá dọ́gba, Excel kì í yan ẹni tó yẹ kó ṣáájú. Ó kàn ń fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra tẹ́lẹ̀ ni. Inú rẹ́jísítà ni mo ti da orúkọ kọ, orúkọ àwọn ọkùnrin ló sì ṣáájú nínú rẹ́jísítà wa. Nítorí náà, níbikíbi tí máàkì ọkùnrin àti obìnrin bá ti dọ́gba, obìnrin ló ń bọ́ sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbèrò rẹ̀, síbẹ̀ bó ṣe rí nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń pín ipò kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni ní àbòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò jókòó ti irú iṣẹ́ yìí, yálà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá ti ń kọ́ni tàbí nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ fún àwọn tó ṣe dáadáa jù lọ ní ẹ̀bùn.

Ìbéèrè kan ni ipò ń dáhùn

Ipò ọmọ kan kì í ṣe nọ́ńbà ìlà tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sí. Ìbéèrè tó ń dáhùn ni pé: ènìyàn mélòó ní kíláàsì rẹ̀ ni máàkì wọn ju tirẹ̀ lọ? Bí a bá ka iye yẹn, tí a fi ẹyọ kan kún un, a ti rí ipò rẹ̀. Ẹni tí kò sí ẹni tó jù ú lọ gba ipò kìíní. Ẹni tí ènìyàn kan péré jù lọ gba ipò kejì. Bí máàkì ọmọ méjì bá dọ́gba, iye ènìyàn kan náà ló ju àwọn méjèèjì lọ, nítorí náà ipò kan náà ni wọn yóò gbà. A kò nílò òfin mìíràn fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Mo ti yí orúkọ àti máàkì padà, mo sì dín iye àwọn ọmọ kù kó lè rọrùn láti kà:

```
     A         B         C
1    Orúkọ     Kíláàsì   Máàkì
2    Adé       2A        81
3    Báyọ̀     2A        74
4    Yétúndé   2A        74
5    Kúnlé     2A        70
6    Tádé      2A        66
7    Dayọ̀     2B        68
8    Fúnkẹ́    2B        63
9    Ìdòwú     2B        63
10   Wálé      2B        59
```

Excel ní fọ́múlà kan tí ó ń jẹ́ `RANK.EQ`. Ó máa ń fún máàkì tó dọ́gba ní ipò kan náà, ṣùgbọ́n kò mọ kíláàsì. Bí a bá lò ó fún gbogbo òpó C, Dayọ̀ yóò gba ipò karùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ ní 2B. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe ìdánwò 2B, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló sì ṣe ti 2A. A kò lè sọ pé 70 Kúnlé ju 68 Dayọ̀ lọ, torí pé ìwọ̀n kan náà kọ́ ni a fi wọn àwọn méjèèjì. Fọ́múlà tó ń ka ènìyàn láàárín kíláàsì nìkan ni a nílò, òun náà nìyí:

```
=COUNTIFS($B$2:$B$10,B2,$C$2:$C$10,">"&C2)+1
```

Ohun tó ń sọ ni pé: ka àwọn tó wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ yìí, tí máàkì wọn sì ju tirẹ̀ lọ, kí o fi 1 kún un. Ẹ kọ ọ́ sí D2, kí ẹ sì fà á dé D10. Ní 2A, ipò yóò jẹ́ 1, 2, 2, 4, 5. Ní 2B, yóò jẹ́ 1, 2, 2, 4. Ẹ lè wá to orúkọ bó ṣe wù yín, ipò ẹnikẹ́ni kò ní yí padà.

Ṣé ipò kẹta ni Kúnlé gbà ni àbí ìkẹrin?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn máa ń wà. Àwọn kan á ní níwọ̀n ìgbà tí ẹni méjì ti gba ipò kejì, ẹni tó tẹ̀ lé wọn ló yẹ kó gba ìkẹta, kí nọ́ńbà má baà fò. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ènìyàn mélòó ló ju Kúnlé lọ? Mẹ́ta ni. Bí a bá pè é ní ẹnì kẹta, a ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹni méjì péré ló ṣáájú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe òótọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú eré ìdárayá náà nìyẹn. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo tó wáyé ní 2021, ọkùnrin mẹ́ta ló fò kọjá mítà 2.37 nínú ìdíje fífò sókè. Òfin tó wà nílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni pé bí gíga bá dọ́gba, a ó wo ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Mutaz Barshim ti Katar àti Gianmarco Tamberi ti Ítálì kò ṣe àṣìṣe kankan títí tí wọ́n fi fo 2.37, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn méjèèjì sì gbìyànjú 2.39 láì lè fò ó. Wọ́n gbà láti jọ pín wúrà. Ẹnì kẹta, Maksim Nedasekau ti Bẹ̀lárúùsì, ti ṣe àṣìṣe kí ó tó fo 2.37, nítorí náà idẹ ló gbà. Ẹnikẹ́ni kò gba fàdákà. Ipò 1, 1, 3 ni wọ́n lò.

Ẹ kíyè sí i pé òfin tó yà ẹnì kẹta sọ́tọ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó fò. Bí ó bá pọn dandan kí a ya ẹni méjì tí máàkì wọn dọ́gba, bóyá torí pé ààyè kan ṣoṣo ló wà, ẹ kéde ohun tí ẹ ó fi yà wọ́n kí ẹ tó rí máàkì, kí ó sì jẹ́ nǹkan tó kan ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tó bá mú òfin jáde lẹ́yìn tó ti rí orúkọ, òun gan-an ló yan ẹni tó wù ú.

Bí owó bá wọ̀ ọ́

Ká ní ẹ̀bùn tí a yà sọ́tọ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦10,000 fún ipò kìíní, ₦6,000 fún ìkejì àti ₦4,000 fún ìkẹta. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦20,000. Bí a bá fún Báyọ̀ àti Yétúndé ní ₦6,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó náà di ₦22,000. Bí a bá tún pe Kúnlé ní ẹnì kẹta, ó di ₦26,000, akápò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá owó kiri. Ọ̀nà tó dára ni pé kí a da ẹ̀bùn ipò kejì àti ìkẹta pọ̀, torí pé ààyè méjèèjì yẹn ni àwọn ọmọ méjì náà jọ gbà, kí a sì pín in dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba ₦5,000, ₦20,000 kò sì ní lé.

Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nídìí ipò 2.5 tí ẹ̀yin tó ń lo ìbáṣepọ̀ Spearman nínú iṣẹ́ àṣekágbá yín máa ń rí. Níbẹ̀, a kì í fún ẹni méjèèjì ní 2, a máa ń fún wọn ní ìdajì àròpọ̀ 2 àti 3, kí àròpọ̀ gbogbo ipò má baà dín. Ìwé èsì ọmọ kò nílò 2.5, àmọ́ fọ́múlà Spearman nílò rẹ̀.

Ohun méjì tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́

Èkínní ni ìdá tó fara pamọ́. Ká ní ọmọ kan gba àròpọ̀ 741 nínú iṣẹ́ mẹ́wàá, tí èkejì gba 739. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 74.1 àti 73.9. Bí a bá ní kí Excel má fi ìdá hàn, 74 ni yóò hàn fún àwọn méjèèjì, síbẹ̀ fọ́múlà yóò fún wọn ní ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òbí yóò tún wá bi yín ní ìbéèrè ìyá ọjọ́sí. Nọ́ńbà tó wà lórí ìwé èsì gan-an ni kí ẹ fi pín ipò. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ mẹ́wàá, tí máàkì kò sì ní ìdá, ẹ fi ìdá kan hàn, kò sí ohun tí yóò fara pamọ́ mọ́. Bí iye iṣẹ́ bá jẹ́ òmíràn, ẹ kọ́kọ́ lo `ROUND`, kí ẹ tó ka ipò.

Èkejì ni orúkọ kíláàsì. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá fi àlàfo kan sẹ́yìn "2B" ti Wálé, ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n kíláàsì ọ̀tọ̀ ni Excel yóò kà á sí. Òun nìkan ni yóò wà níbẹ̀, 59 rẹ̀ yóò sì gba ipò kìíní! Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé kí ẹ ka iye ọmọ tí Excel rí ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé rẹ́jísítà. Bí kò bá bára mu, ẹ wá àlàfo náà kí ẹ tó tẹ ìwé jáde.

A tún ìwé èsì ọmọbìnrin yẹn tẹ̀, a kọ ipò kejì sí i. A kò gba ti ọmọkùnrin padà, nítorí ipò kejì lòun náà gbà.