Ta Ni Ó Ni Pàṣán? Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí Ẹgba Kúrò ní Ilé-Ìwé

Kò sí ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún ní ìgbà tiwa tí kò mọ ìró àtòrì. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá pàdé, a máa ń fi ìtàn ẹgba rẹ́rìn-ín, a sì máa ń sọ pé òun ni ó sọ wá di ènìyàn. Nítorí náà, ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé èmi tí mo jẹ́ àlùfáà ni mo ń sọ pé ó yẹ kí òfin mú pàṣán kúrò ní ilé-ìwé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó fún olùkọ́ láṣẹ láti na ọmọ ọlọ́mọ? Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ní abala 295, dáhùn rẹ̀. Òbí ni ó fún láṣẹ láti fi ẹgba bá ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 16 wí. Àṣẹ òbí yìí ni olùkọ́ ń yá lò. Òfin kà á sí pé òbí ti fi í lé olùkọ́ lọ́wọ́, àfi bí òbí bá sọ ọ́ jáde pé òun kò fi í lé e lọ́wọ́. Ó tún fi ààlà sí i: ẹgba náà kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ ju ohun tí ọjọ́ orí àti ìlera ọmọ lè gbà lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi ìyà àbùkù jẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n kò dárúkọ pàṣán ilé-ìwé. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kò fi tíì tán.

Ǹjẹ́ a tilẹ̀ lè yá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lò? Kí n tó lọ sí sẹ́mínárì, mo ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ìletò kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo to àwọn tí wọ́n pẹ́ dé sí ẹnu ọ̀nà, mo sì na olúkúlùkù ní ẹgba mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn kò sọkún, kò sì sọ̀rọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbọ́ pé àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lóru, àti pé òun ni ó gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kí ó tó wá sí ilé-ìwé. Òbí rẹ̀ mọ̀. Èmi kò mọ̀, n kò sì bèèrè, nítorí pé ìlà náà gùn, aago sì ti lù.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi òsì fà á mọ́ra. Òbí lè ṣe méjèèjì ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Olùkọ́ tí ọgọ́ta ọmọ wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó ní.

Àwọn ará yóò tọ́ka sí Ìwé Òwe, orí 13, ẹsẹ 24. N kò fojú kékeré wo ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tí ó bí ọmọ, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó dé ilé ẹjọ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Òfin ilé-ìwé wọn ti ọdún 1996 fòfin de ẹgba. Ẹgbẹ́ kan tí ó ní ilé-ìwé Kristẹni 196 pe ìjọba lẹ́jọ́. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ àwọn ni pé kí a fi ọ̀pá tọ́ ọmọ, àti pé àwọn òbí ti fi àṣẹ náà lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Adájọ́ Albie Sachs ka ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ gbà pé òótọ́ ni ìgbàgbọ́ wọn. Síbẹ̀, ó ní òfin náà kò gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Ohun kan ṣoṣo tí ó kọ̀ ni kí òbí rán ilé-ìwé láti na ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan náà mú ààbò òfin kúrò lórí ẹgba inú ilé pẹ̀lú. N kò bá wọn dé ibẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni mo ń sọ.

Àwọn olùkọ́ yóò bèèrè ohun tí yóò rọ́pò pàṣán. Bí ọmọ bá pẹ́ dé, kí a bi í léèrè, kí a sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kí ó jókòó lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí láti ṣe iṣẹ́ tí ó pàdánù. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀. Èyí ń gba àkókò ju ẹgba mẹ́fà lọ, kò sì lè ṣiṣẹ́ bí òbí kò bá wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de òfin tuntun. Abala 295 ti fi ọ̀rọ̀ náà sí yín lọ́wọ́. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ yín pé ẹ kò fi àṣẹ pàṣán lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà pé ọjọ́ tí ọmọ yín bá ṣẹ̀, kí wọ́n pè yín, ẹ ó wá.