Ogún Èèyàn Tó Ṣẹ́ Kù Lẹ́yìn Ìjì

Ní erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Píńgẹlápù, ní Maikironísíà nínú Òkun Pàsífíìkì, nǹkan bí ẹnì kan nínú ogún ni kò rí àwọ̀ kankan rárá. Dúdú, funfun àti eérú ni gbogbo ayé wọn. Oòrùn ọ̀sán máa ń ta wọ́n lójú débi tí wọn kì í lè lajú tán, wọn kì í sì í rí ohun tó jìnnà kedere. Másíkúnì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Níbòmíràn láyé, ẹnì kan ni nínú nǹkan bí 30,000 sí 50,000. Báwo ló ṣe wá pọ̀ tó báyìí níbẹ̀?

Ẹni tó bá ti ṣàyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kó tó ṣègbéyàwó ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ẹ̀dà méjì la ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí AS ṣe wà láìsí wàhálà tí SS sì ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ni másíkúnì: ẹni tó ní ẹ̀dà alábùkù kan ń ríran dáadáa, ẹni tó bá gba méjì ni kò ní mọ àwọ̀. CNGB3 ni jíìnì ọ̀hún, ọdún 2000 sì ni àwọn onímọ̀ rí àbùkù inú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1775, ìjì ńlá jà ní Píńgẹlápù, ìyàn sì tẹ̀ lé e. Ìtàn wọn sọ pé nǹkan bí ogún èèyàn ló yè é, ọba wọn sì wà lára wọn. Ogún èèyàn, ẹ̀dà jíìnì 40. Ká ní ẹ̀dà másíkúnì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: 1/40, ìyẹn 0.025. Níbòmíràn ńkọ́? Ọmọ ní láti gba ẹ̀dà náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣàìsàn, nítorí náà, bí aláìsàn bá jẹ́ 1 nínú 40,000, ẹ̀dà náà kò lè ju 1 nínú 200 lọ, torí 1/200 × 1/200 ni 1/40,000. Ìyẹn 0.005. Ìjì kan ti sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún kí wọ́n tó bí ọmọ kankan. Èyí là ń pè ní ipa àwọn atẹ̀dó: ohun tó bá wà lára àwọn díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlú ni ìlú yóò jogún.

Apá kejì ni ìyípadà àkọsẹ̀bá. Ká ní ogún ọmọ ló rọ́pò ogún àgbà yẹn. Ẹ̀dà 40 ni wọn yóò gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àǹfààní 39/40 pé kò ní jẹ́ ti másíkúnì. Bí a bá fi 39/40 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà 40, a ó rí 0.36. Nǹkan bí ìdá 36 nínú 100 ni pé ẹ̀dà náà yóò pòórá pátápátá nínú ìran kan, ìdá 37 pé yóò ṣẹ́ ku ọ̀kan, ìdá 26 pé yóò di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá di méjì, ó ti di 0.05 nìyẹn, ibẹ̀ ni ìran tó kàn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìlú ẹlẹ́ni 20,000, níbi tí ẹ̀dà 1,000 ti wà nínú 40,000, iye yẹn kan náà, 0.025, kò ní sábà kúrò láàárín 0.023 sí 0.027 nínú ìran kan. Àdánù ọ̀tún ni èrè òsì níbẹ̀. Láàárín ogún èèyàn, kò sẹ́ni tó máa dí àlàfo.

Lónìí, bí aláìsàn bá jẹ́ 1 nínú 20, ẹ̀dà náà ti di nǹkan bí 0.22. Àwọn tó gbé ẹyọ kan jẹ́ 2 × 0.22 × 0.78, ìyẹn 0.34. Nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ni àwọn olùwádìí sọ, kò jìnnà síra. Wọ́n gbà pé ọba náà ló gbé ẹ̀dà ọ̀hún, bí ọmọ rẹ̀ bá sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, fífò láti 0.025 kò yani lẹ́nu. Nínú ìran kẹrin ni aláìsàn àkọ́kọ́ yọjú, nígbà tí ìbátan ti ń fẹ́ ìbátan.

Ṣé kì í ṣe pé àìsàn náà ní àǹfààní kan níbẹ̀? Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí báyìí gan-an ni S ṣe pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa: ibà kì í sábà pa ọmọ AS. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà bá ti pọ̀ ni S ti pọ̀, ní Áfíríkà àti ní Íńdíà, láàárín àwọn tí kò bára tan. Másíkúnì kò pọ̀ lórí gbogbo erékùṣù tí oòrùn àti ẹja inú wọn dà bíi ti Píńgẹlápù. Àbùkù kan náà gan-an, níbì kan náà lórí jíìnì, ni wọ́n sì rí lára àwọn aláìsàn ibẹ̀. Baba ńlá kan ṣoṣo lèyí ń tọ́ka sí.

Àwọn ará erékùṣù náà ti ń ṣí lọ sí Pónpéì àti ìlú òkèèrè. Bí ẹni tó gbé ẹ̀dà kan, tójú rẹ̀ ń ríran, bá fẹ́ ará ilé tójú òun náà mọ́ láì ṣàyẹ̀wò, ewu pé ọmọ wọn kò ní mọ àwọ̀ jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 11. Bó bá fẹ́ àlejò, ó di nǹkan bí 1 nínú 400.