Fídíò Ìpè Síbi Ìkómọ: Ẹ Má Tíì Dárúkọ Ọmọ

Bí a bá bí ọmọ lónìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí àlejò pé sílé. Ìwé ìpè kò lè tètè yá tó bẹ́ẹ̀, ìdí rèé tí fídíò kékeré orí WhatsApp fi gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà.

Ọjọ́ ni kí ó kọ́kọ́ dá yín lójú. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún gbogbo wọn. Ọjọ́ ìbí gan-an ni ẹ ó fi ṣe oókan: ọmọ tí a bí ní Ajé, Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìkómọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kà á láti ọjọ́ kejì, Ìṣẹ́gun ni yóò kọ sójú fídíò, àwọn àlejò á sì dé nígbà tí wọ́n ti fọ ìkòkò tán.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ orúkọ. Àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ síta láàárọ̀ ìkómọ, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ á máa sọ ti wọn, pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Bí fídíò bá ti pariwo orúkọ náà tẹ́lẹ̀, kí ni àgbà fẹ́ wá sọ? “Ọmọ tuntun” ti tó. Orúkọ àmútọ̀runwá nìkan ló yàtọ̀: kò sẹ́ni tí Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ àṣírí fún. Ojú ọmọ náà, ẹ jẹ́ kó sinmi; ọ̀pọ̀ ìyá àgbà kò fẹ́ kí ojú ìkókó máa kiri orí fóònù àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí a bí ní Ajé, 2 Oṣù Kẹta 2026. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni fídíò rẹ̀.

0–6. Àwòrán: àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ lórí aṣọ òfì. Ohùn: gángan nìkan.

6–17. Àwòrán: ọwọ́ àgbàlagbà kan ń to oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare sínú àwo funfun. Gángan rẹlẹ̀. Ohùn, ìyá àgbà: “Ẹ bá wa yọ̀ o. Olúwa ti fi ọmọ tuntun jíǹkí ilé wa. Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ, ara sì le.”

17–29. Àwòrán: àwọn ọmọ ilé ń to àga sí àgbàlá. Ohùn: “Ẹbí bàbá àti ẹbí ìyá ń fi ọ̀wọ̀ pè yín wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ mú orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ lọ́wọ́ bọ̀.”

29–40. Àwòrán: ọjọ́, aago àti àdírẹ́sì, lẹ́tà funfun lórí àwọ̀ aró. Ohùn: “Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, aago mẹ́jọ àárọ̀. Àdírẹ́sì wà lójú fídíò yìí. Jíjẹ àti mímu yóò tẹ̀ lé e.”

40–45. Àwòrán: ilẹ̀kùn ilé ṣí gbayawu. Ohùn: “A ń retí yín o. Ayọ̀ á kárí.” Gángan tún gòkè.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó 80. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ju méjì lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyá àgbà á máa sáré, ayọ̀ á sì kúrò lóhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kà á sókè, kí ẹnì kan máa wo aago.

Ojú ìwé tó gbé ọjọ́ àti àdírẹ́sì ni mo fún ní àkókò gígùn, nítorí ọ̀pọ̀ ń wo fídíò láìtan ohùn rẹ̀, nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́. Ẹ má kọ “ọ̀la” tàbí “ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” síbẹ̀: a kì í mọ ọjọ́ tí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yóò ṣí i.

Lẹ́tà náà ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà olódòdó kò mọ bí a ti ń fi àmì sórí “ọ” tó ní àmì lábẹ́. Àmì ohùn á fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí ṣófo. Ẹ kọ “Ọjọ́” wò kí ẹ tó yan èyíkéyìí. `Noto Sans` kò lẹ́wà bí òdòdó, ṣùgbọ́n ó ń gbé e dáadáa.

Òòró ni kí ẹ ya fídíò náà, 1080 × 1920, kí ó lè kún ojú fóònù. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́, lẹ́tà wínníwínní á sì di bàìbàì. Ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí fóònù kan ṣoṣo nínú ilé, kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó bíi tiyín ka àdírẹ́sì náà sókè. Bó bá ṣì í kà, ẹ fẹ lẹ́tà sí i kí ẹ tó fi sí ojú ẹgbẹ́ ẹbí.