Ariwo Inú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ: Bíárìn Ni àbí Wáyà Kọ́mú?

Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti ń kùn gbùrùrù, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu oníṣẹ́ tí a pè wá wò ó ni pé, "Bíárìn ti lọ." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ wáyà kọ́mú kan ṣoṣo, tàbí kọ́ìnì tó yọ́ jáde nínú àpò ṣòkòtò, lè pariwo débi pé gbogbo ilé á rò pé ẹ̀rọ náà fẹ́ tú ká. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ bíárìn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ pátápátá. Wáyà ní tirẹ̀ lè má gbà ju ẹ̀mú àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Owó iṣẹ́ méjèèjì kò sún mọ́ra rárá.

Ẹ̀rọ tí a ń gba iwájú kó aṣọ sí ni mò ń sọ. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù onírin tó ní ihò káàkiri lẹ máa rí. Inú ọpọ́n ńlá kan tí wọ́n sábà máa ń fi ike ṣe ni dúrọ́ọ̀mù yìí wà. Ọpọ́n ló ń gba omi dúró, dúrọ́ọ̀mù ló ń yí nínú rẹ̀. Àlàfo àárín wọn kò fẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni kọ́ìnì, píìnì irun àti wáyà máa ń bọ́ sí. Lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù, irin gbọọrọ kan gba ara ọpọ́n kọjá sẹ́yìn, níbi tí bẹ́líìtì ti ń yí i. Bíárìn méjì ló gbé irin yìí dúró, síìlì onírọ́bà kan sì wà níwájú wọn tí kì í jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ara síìlì yẹn ni wàhálà bíárìn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gbó, omi ọṣẹ á yọ́ wọlé, á fọ gíríìsì dànù, àwọn bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ inú bíárìn á dípẹtà, wọ́n á sì máa ha ibi tí wọ́n ń gbà yí. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ kéré, ẹ ó máa rò pé ẹrù ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á wá máa dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tan láìsí ata lẹ́nu rẹ̀. Wáyà àti kọ́ìnì kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ fọṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí ariwo kankan. Ẹ fọ̀ ọ́ lónìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹjọ́ sùn mí ni pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí ariwo ń jáde náà ní ohun tó ń sọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fọ aṣọ, dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í yí ju nǹkan bí ìgbà 50 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá ń fún un, ó lè yí tó 1,000 sí 1,400. Bíárìn tó ti bàjẹ́ máa ń tẹ̀ lé eré yìí: bí eré ṣe ń pọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń ròkè, kì í já, ì báà má sí aṣọ kankan nínú rẹ̀. Kọ́ìnì tó wà nísàlẹ̀ ọpọ́n máa ń dún nígbà tí omi bá ń gbá a kiri, á dákẹ́, á tún dún. Bí omi bá ti lọ tán, ó lè má dún mọ́ rárá. Wáyà tó há sínú ihò dúrọ́ọ̀mù máa ń ha ọpọ́n lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù bá yí po. Bó bá sì jẹ́ pé ìgbà tó ń da omi nù nìkan ló ń pariwo, ẹ fi bíárìn sílẹ̀, ẹ lọ ṣí fílítà tó wà nísàlẹ̀ níwájú.

Ọwọ́ ló máa parí iyèméjì tí etí bá ṣì ní. Ẹ yọ okùn iná, ẹ kó gbogbo aṣọ jáde, kí ẹ fi ọwọ́ yí dúrọ́ọ̀mù jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ bíárìn ni, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ yíyí dé òpin, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé kò lọ geerege. Lẹ́yìn náà, ẹ di etí dúrọ́ọ̀mù mú lókè, kí ẹ gbé e sókè-sódò. Ibí yìí ló ti máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Orí sípírìn ni gbogbo ọpọ́n náà rọ̀ sí, nítorí náà nǹkan gbọ́dọ̀ mì. Àlàfo tó wà láàárín etí dúrọ́ọ̀mù àti rọ́bà ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ máa wò. Bí dúrọ́ọ̀mù àti ọpọ́n bá jọ mì pọ̀, kò sí àléébù. Bí dúrọ́ọ̀mù bá dá mì tí ọpọ́n kò tẹ̀ lé e, bíárìn ti jẹ. Ojú omi tó dípẹtà tó ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn ọpọ́n náà jẹ́ ẹ̀rí mìíràn.

Aládùúgbò kan ní Ìkòròdú ní ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó wá láti ìlú òyìnbó. Lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé ń dún kẹẹrẹ, kẹẹrẹ. Oníṣẹ́ tó wá ní bíárìn ni, ó sì dárúkọ owó. Ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù náà kò mì lọ́tọ̀, ojú kan náà ló sì ti ń dún nígbàkigbà tí a bá yí i po. Ohun mìíràn tún wà tí obìnrin náà ò kà sí: táwẹ́lì rẹ̀ méjì ti fà ya lójú ìlà tínrín. A tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù, a rí imú wáyà kọ́mú tó yọ jáde níbi ihò kan. Ike tó wà ní ìdí rẹ̀ ló há, nítorí náà a ní láti rọra máa yí i bí a ti ń fi ẹ̀mú fà á. Ó jáde, ìha náà sì dópin.

Nígbà tó fọṣọ, a tún gbọ́ ohùn kékeré kan nínú omi. A da omi tó kù nù, a yọ hítà ìsàlẹ̀ ọpọ́n, a ti òòfà tí a so mọ́ orí igi gba ojú ihò rẹ̀. Pẹ́nì ìlú òyìnbó kan ló lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀. Láti 1992 ni wọ́n ti ń fi irin ṣe pẹ́nì níbẹ̀, tí wọ́n ń fi bàbà bo ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òòfà fi lè fà á. Tí a bá ń dá hítà padà, rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á máa jò.

Tó bá wá jẹ́ bíárìn lóòótọ́, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú síìlì tuntun. Ẹni tó bá pààrọ̀ bíárìn tó fi síìlì àtijọ́ sílẹ̀, omi á tún wọlé. Nọ́ńbà wà lára bíárìn àtijọ́, bíi 6205 tàbí 6206. Òun ni kí wọ́n fi ra tuntun. Tí wọ́n bá ń gbá a wọlé, òrùka ìta ni kí òòlù máa bà, nítorí gbígbá òrùka inú máa ń fọ́ bọ́ọ̀lù kó tó ṣiṣẹ́ rárá.

Kí ẹ tó fara mọ́ owó kankan, ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà hàn yín. Bí bóòtì bá yí ọpọ́n ká, ó ṣeé ṣí sí méjì. Àwọn ọpọ́n kan wà tí ilé iṣẹ́ fi iná lẹ̀ pọ̀, kò sì sí bóòtì kankan lára wọn. Àwọn kan máa ń fi ayùn là á, kí wọ́n tó fi bóòtì àti gọ́ọ̀mù dè é padà. Mo ti rí èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ti rí èyí tó ń jò láti ọjọ́ kejì. Ní tèmi, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, mi ò ní ná owó lé e lórí.