Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Kíbọ́ọ̀dù Yín Kọ Orúkọ Yín ní Lẹ́tà Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà la kọ ìwé pélébé yìí fún. Wọ́n á kọ orúkọ yín ní lẹ́tà Sirílíìkì sórí físà yín. Bí ó bá ṣe wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ilé ìwé, ti báńkì àti ti ibùgbé. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, òṣìṣẹ́ lè sọ pé ìwé méjèèjì kì í ṣe ti ẹnì kan náà.

Lẹ́tà Rọ́ṣíà jẹ́ 33, ti kíbọ́ọ̀dù tí ọwọ́ wa ti mọ̀ sì jẹ́ 26. Kíbọ́ọ̀dù tí àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ń lò ń jẹ́ ЙЦУКЕН, ìyẹn lẹ́tà mẹ́fà tó ṣíwájú ní ìlà òkè rẹ̀. Ìró kọ́ ni wọ́n fi tò ó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, tó fẹ́ kí ènìyàn pẹ̀lú «привет», àmọ́ tó gbàgbé láti kúrò lórí lẹ́tà Látìn, `ghbdtn` ló máa rí.

Lórí fóònù, ìyẹn kò ṣòro, nítorí ẹ ń rí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú fóònù. Ẹ kàn fi èdè Rọ́ṣíà kún kíbọ́ọ̀dù yín. Bí ẹ bá ń wá ё, ẹ tẹ е mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi yọ. Bí ẹ bá ń wá ъ, ẹ tẹ ь mọ́lẹ̀ bákan náà.

Orí kọ̀ǹpútà ni kíbọ́ọ̀dù oníìró, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ìró tò, ti wúlò. Nínú tirẹ̀, д wà lórí D, к wà lórí K, л wà lórí L. Nínú ti Apple, àwọn lẹ́tà tí kò rí àyè ni wọ́n fi sí ibi àmì ìdánudúró àti àkámọ́. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, `Russian – QWERTY` ni orúkọ rẹ̀. Ti Windows ni `Russian - Mnemonic`, àmọ́ òun máa ń so bọ́tìnì méjì pọ̀ di lẹ́tà kan nígbà mìíràn, bíi `sh` tó ń di ш. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kún un, bọ́tìnì Windows pẹ̀lú bọ́tìnì àlàfo lẹ ó fi máa pààrọ̀ èdè. Ẹ má rò pé kíbọ́ọ̀dù oníìró kan náà ni gbogbo wọn: W máa ń mú ш wá nínú ti Apple, àmọ́ в ló ń mú wá nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ЯВЕРТЫ.

Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Físà kọ Ṣọlá Adébáyọ̀ báyìí: Шола Адебайо. Lórí ti Apple, ẹ ó tẹ:

```
Wola Adebajo
```

W ló gbé Ш wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣìnà ni Y. Ọwọ́ wa á fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ы ni yóò mú wá, orúkọ á sì di «Адебаыо». J ni й.

Ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tún wà tó ń yí lẹ́tà Látìn padà sí ti Rọ́ṣíà, bíi translit.net. Ó rọrùn fún lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, torí `sh` á di ш fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń so `jo` pọ̀ di ё, «Адебайо» á wá di «Адебаё». Ìdí nìyẹn tí a fi gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe fi irú rẹ̀ kọ orúkọ sínú ìwé ìjọba. Kíbọ́ọ̀dù tí bọ́tìnì kan ti ń mú lẹ́tà kan wá ni kí ẹ lò.

Àṣìṣe tó burú jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Nínú lẹ́tà méje tó wà nínú Адебайо, mẹ́rin ló jọ ti Látìn pátápátá: А, е, а àti о. Bí ẹ bá gbàgbé pààrọ̀ èdè nígbà tí ẹ tẹ A àkọ́kọ́, ojú yín kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀, torí nọ́mbà A Látìn nínú rẹ̀ ni U+0041, ti Sirílíìkì sì ni U+0410. Bí òṣìṣẹ́ bá wá orúkọ yín, kò ní jáde. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ Ctrl àti F, tàbí Command àti F lórí Apple, ẹ lọ sórí kíbọ́ọ̀dù Rọ́ṣíà, kí ẹ tẹ а. Èyíkéyìí nínú àwọn а inú orúkọ náà tí kò bá tàn, ti Látìn ni. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún е àti о.

Pásípọ́ọ̀tù wa kì í ní àmì sára lẹ́tà, nítorí náà SOLA ni wọ́n á rí, ẹni tó ṣe físà sì lè kọ «Сола». Bí ohùn rẹ̀ kò bá tiẹ̀ dùn mọ́ yín nínú, èyí tó wà lórí físà ni kí ẹ máa lò níbi gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, ẹ béèrè kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.