Ìlà Tí Kámẹ́rà Kì Í Sọdá

Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, a kì í sábàá rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin. Wọ́n á fi ojú ẹni àkọ́kọ́ hàn wá, wọ́n á fi ojú ẹnìkejì hàn wá, wọ́n á tún padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Síbẹ̀, kò sí òǹwòran tó ń béèrè ẹni tí kálukú wọn ń bá wí. Ibi tí ojú wọn kọ sí ló ń sọ ọ́: ẹnìkan ń wo apá ọ̀tún, ẹnìkejì ń wo apá òsì, nítorí náà ara wọn ni wọ́n ń wò. Òfin tó ń dáàbò bo ètò yìí ni àwọn oníṣẹ́ sinimá ń pè ní òfin 180 dìgírì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìran kan wò ó. Ṣadé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bọ̀dá Bọ́lá, jókòó kojú ara wọn nídìí tábìlì oúnjẹ, wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ká sọ pé okùn kan wà tí a kò lè fojú rí, tí a ta láti iwájú orí Ṣadé dé iwájú orí Bọ́lá. Okùn yẹn ni ìlà tí à ń sọ. Ó pín yàrá náà sí méjì: apá kan ni fèrèsé wà, apá kejì ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà. Bí a bá gbé kámẹ́rà sí apá fèrèsé, Ṣadé á wà lápá òsì àwòrán, á máa wo ọ̀tún. Bọ́lá á wà lápá ọ̀tún, á máa wo òsì. Kámẹ́rà lè sún mọ́ wọn, ó lè jìnnà, ó lè dúró lẹ́yìn èjìká ọ̀kan láti wo èkejì. Gbogbo ibi tó lè dúró sí lápá fèrèsé yìí, ìlàjì òbírí ni, ìlàjì òbírí sì jẹ́ 180 dìgírì. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò nínú rẹ̀, ọ̀tún Ṣadé àti òsì Bọ́lá kò ní yí padà.

Wàyí o, ká ní wọ́n ya Ṣadé láti apá fèrèsé, wọ́n sì lọ ya Bọ́lá láti apá ilé ìdáná. Ṣadé ń wo ọ̀tún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ìlà, Bọ́lá náà ti ń wo ọ̀tún. Nígbà tí a bá to àwòrán méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, kò jọ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń bá ara wọn jà mọ́. Ó jọ pé àwọn méjèèjì jọ ń bá ẹni kẹta kan wí tó wà níta àwòrán. Bó bá sì jẹ́ àwòrán tó mú àwọn méjèèjì pọ̀ ni, wọ́n á ṣàdédé pààrọ̀ ìjókòó láìsí ẹni tó dìde.

Ẹni tó bá wà nínú yàrá fúnra rẹ̀ lè yí tábìlì náà po kí ohunkóhun má dà á láàmú, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn ín. Ẹni tó ń wo fíìmù kò rìn. Wọ́n gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kó tó ṣẹ́jú, kò sì ní nǹkan mìíràn tó lè fi mọ ibi tó wà ju ọ̀tún àti òsì àwòrán lọ. Bóyá ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni ọkàn rẹ̀ á fi máa tún yàrá náà tò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ṣadé sọ nínú ìṣẹ́jú àáyá yẹn ti bọ́ sọnù. Ìdí kan náà ni àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sórí tẹlifíṣọ̀n fi máa ń kó kámẹ́rà pàtàkì wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan pápá: bí wọ́n bá sọdá, ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ọ̀tún á dà bí ẹni ń gbá a wọ ilé ara rẹ̀.

Àìmọ̀kan nìkan kọ́ ló ń fa àṣìṣe yìí. Níbi tí kámẹ́rà bá jẹ́ ẹyọ kan, wọ́n á ya gbogbo ọ̀rọ̀ Ṣadé tán ná, wọ́n á wá tú iná ká, wọ́n á tún un tò fún Bọ́lá. Wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lè ti kọjá. Fìríìjì dí ọ̀nà lápá fèrèsé, àyè sì wà lápá ilé ìdáná, ni wọ́n bá gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè tètè mọ̀: ẹ wo èjìká. Nínú ìran tiwa yìí, èjìká ọ̀tún Ṣadé ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ gbà wo Bọ́lá, èjìká òsì Bọ́lá ni yóò sì gbà wo Ṣadé. Bó bá jẹ́ èjìká ọ̀tún àwọn méjèèjì ló gbà, ó ti sọdá. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn á fi kọ̀ǹpútà yí àwòrán náà sódì lẹ́yìn iṣẹ́. Ó máa ń bá a mu nígbà mìíràn, àfi bí aago bá wà lára ògiri tàbí ìwé lára aṣọ, tàbí bí ṣíbí Bọ́lá bá ti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì.

Kí a tó lè mọ bí òfin yìí ti lágbára tó, kí a wo ohun tí wọ́n ṣe nínú The Lord of the Rings: The Two Towers ní 2002. Gollum, tí Andy Serkis ṣe, dá jókòó lóru, apá rere àti apá burúkú inú rẹ̀ ń jiyàn. Kámẹ́rà kọ́kọ́ rọra yí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e: ojú kan kọ sí ọ̀tún, ojú kejì kọ sí òsì. Ara kan ṣoṣo ni, ẹni méjì la sì rí. Àwọn méjì tí ojú wọn kọ síbì kan náà kò jọ ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnìkan tí ojú rẹ̀ kọ sọ́tùn-ún sósì, ó di méjì.

Stanley Kubrick ní tirẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin náà nínú The Shining, ní 1980. Jack Torrance, tí Jack Nicholson ṣe, ń ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì àdádó kan nígbà yìnyín. Agbáwo kan da ọtí sí i láṣọ níbi àríyá, ó sì mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ògiri rẹ̀ pupa fòò láti bá a nù ún. Ó ní Grady lorúkọ òun. Jack mọ orúkọ yẹn: orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì náà rí ni, tó pa ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Grady ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé Jack gan-an ló ti ń ṣọ́ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ìjíròrò yìí, kámẹ́rà fò kọjá ìlà lójijì, ẹni apá òsì sì di ẹni apá ọ̀tún. Ta ni ọ̀gá, ta ni ìránṣẹ́? Ta ló pa èèyàn, ta ló fẹ́ pa á? Ìdàrúdàpọ̀ tí òǹwòran bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Jack. Rírú òfin níbẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá Ṣadé kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀. Bó bá pọn dandan kí kámẹ́rà lọ sápá ilé ìdáná, kó rìn débẹ̀ lójú wa láìgé àwòrán, tàbí kí Bọ́lá dìde kó lọ dúró síbòmíràn, kí ìlà náà bá a lọ. Àwọn kan máa ń fi àwòrán ìkòkò tàbí ọwọ́ bo ojú ibi tí wọ́n gbà sọdá. Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, torí òǹwòran kò tíì gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tí kálukú wà. Èyí tó sàn jù ni àwòrán tí a yà láti orí ìlà gan-an, tí ojú ẹni náà kò kọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya irú àwòrán yẹn kan fún olúkúlùkù òṣèré kí ẹ tó tú iná ká. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òun sì ni ẹni tó máa to fíìmù náà yóò fẹ́ rí bí àṣìṣe bá ti wà nílẹ̀.